Ọjọ́ ìbímọ mẹ́ta lórí káàdì kan

Ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ ọdún 2022 ni aboyún yìí kọ́kọ́ jókòó síwájú mi. Oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ ni. Mo bi í ní ohun tí èmi àtàwọn agbẹ̀bí ẹgbẹ́ mi máa ń bi gbogbo aboyún: ìgbà wo lẹ rí nǹkan oṣù yín kẹ́yìn? Kò ronú rárá. Ó yọ ìwé pélébé kan nínú báàgì rẹ̀, ó ṣí i, ó ní, "Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà ni, Nọ́ọ̀sì. Ọjọ́ Ẹtì ló bọ́ sí." Inú mi dùn gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ tó ń wá sọ́dọ̀ mi kì í rántí ju "ìparí oṣù" lọ. Àmọ́ kí obìnrin yìí tó bímọ, ọjọ́ ìbímọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti wọ orí káàdì rẹ̀. Ká ní èyí tó gbẹ̀yìn nínú wọn la tẹ̀ lé ni, ọmọ tí kò rí oúnjẹ tó nínú ilé ọmọ ni à bá máa pè ní ọmọ tí ara rẹ̀ le.

Ìṣirò àkọ́kọ́ kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ̀jẹ̀ dé la máa ń mú, kì í ṣe ọjọ́ tó dá. Mo yọ oṣù mẹ́ta kúrò lára ọjọ́ 10 oṣù kẹfà, ó di ọjọ́ 10 oṣù kẹta. Mo fi ọjọ́ méje kún un, ó di ọjọ́ 17 oṣù kẹta, mo sì gbé ọdún sí 2023. Orúkọ Naegele, dókítà agbẹ̀bí ará Jámánì kan tó gbé ayé ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ni a fi ń pe ìṣirò yìí. Ohun tó ń wá ni ọjọ́ 280, ìyẹn ogójì ọ̀sẹ̀, láti ọjọ́ tí nǹkan oṣù ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀. Torí pé oṣù kan gùn ju òmíràn lọ, ìṣirò yìí lè fi ọjọ́ kan sí mẹ́ta yàtọ̀ sí ohun tí ẹ máa rí bí ẹ bá ka ọjọ́ 280 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti obìnrin yìí ṣe déédéé: ọjọ́ 280 gan-an bọ́ sí ọjọ́ 17 oṣù kẹta.

Mo kọ ọ́ sórí káàdì. Lẹ́yìn náà ni mo gba ìwé pélébé yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ láti wo ohun tó wà lókè ọjọ́ náà.

Ìṣirò Naegele gba nǹkan méjì gbọ́ láìbéèrè. Ó gbà pé nǹkan oṣù obìnrin máa ń dé ní ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n-méjìdínlọ́gbọ̀n, ó sì gbà pé ọjọ́ kẹrìnlá ni ẹyin jáde. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìṣirò náà kò ní mọ̀, yóò kàn fún wa ní ọjọ́ kan tó dára lójú. Nínú ìwé obìnrin yìí, ọjọ́ 36 ló wà láàárín nǹkan oṣù kan àti èkejì, lẹ́yìn náà 38, lẹ́yìn náà 37. Kò rí i bí ohun tó yàtọ̀. Nígbà tí mo bi í bóyá nǹkan oṣù rẹ̀ máa ń ṣe déédéé, bẹ́ẹ̀ ni ló dá mi lóhùn, òótọ́ ló sì sọ: ó ń dé déédéé, àmọ́ ó ń pẹ́ kó tó dé. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti bi ẹnikẹ́ni ní "Ṣé ó ń ṣe déédéé?" mọ́. Iye ọjọ́ ni mo máa ń béèrè.

Ìdí tí iye ọjọ́ fi ṣe pàtàkì ni pé láti ìgbà tí ẹyin bá jáde títí nǹkan oṣù mìíràn yóò fi dé, ó máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rìnlá lára ọ̀pọ̀ obìnrin. Apá tó ṣáájú kí ẹyin tó jáde ló máa ń gùn tàbí kúrú. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 37, ẹyin rẹ̀ kì í jáde ní ọjọ́ kẹrìnlá, ó di nǹkan bí ọjọ́ kẹtàlélógún. Ọjọ́ mẹ́sàn-án tó fi ju 28 lọ la ó fi kún ọjọ́ ìbímọ. Ọjọ́ 17 oṣù kẹta wá di ọjọ́ 26. Mo fi pẹ́ńsù kọ èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì, mi ò tíì fi bírò kọ ọ́.

Ó tún sọ nǹkan kan tí mo fi ọkàn sí. Ó ti ra ohun èlò tí wọ́n fi ń yẹ ìtọ̀ wò ní ọjọ́ 13 oṣù keje, ìlà kan ṣoṣo ló yọ. Nígbà tó tún yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ 22 ni ìlà méjì hàn. Ká ní ọjọ́ kẹrìnlá ni ẹyin jáde, ìyẹn ọjọ́ 23 oṣù kẹfà, oyún ì bá ti pé nǹkan bí ogúnjọ́ nígbà àyẹ̀wò àkọ́kọ́ yẹn, ìlà méjì ni ì bá yọ. Èyí kì í ṣe ẹ̀rí tó tó láti fi yí ọjọ́ padà, ó kàn ń sọ fún mi pé ó ṣeé ṣe kí oyún náà kéré ju bí ìṣirò ṣe wí lọ. Mo tún bi í bóyá ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ kẹwàá yẹn pọ̀ tó bó ṣe máa ń pọ̀, bóyá ó sì gba iye ọjọ́ tó máa ń gbà, nítorí àwọn kan máa ń rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nígbà tí oyún ń fara mọ́ ilé ọmọ, wọn a sì kà á sí nǹkan oṣù. Ó ní bó ṣe máa ń wá náà ló wá. Mo bi í nípa abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí náà, torí ó lè da nǹkan oṣù rú fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣíwọ́. Kò gbà á rí.

Ọjọ́ yẹn kan náà ló ṣe síkáànù. Bí a bá ka a láti ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà, oyún rẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá géérégé. Mo wà níbẹ̀, mo sì fẹ́ sọ bí wọ́n ṣe wọn ọmọ náà, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ní àsìkò yìí, gígùn ọmọ láti àtàrí dé ìdí ni wọ́n máa ń wọ̀n, ẹsẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe síkáànù yóò dúró títí ọmọ yóò fi fi ẹ̀gbẹ́ hàn pátápátá, tí ọrùn rẹ̀ kò sì ká jù tàbí nà jù. Bí ọmọ bá káwọ́kásẹ̀ jọ, yóò dà bíi pé ó kúrú. Bí àmì tí wọ́n fi ń wọ̀n bá sì gba orí àpò róbótó kékeré tó ń bọ́ ọmọ kí ibi ọmọ tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ yóò gùn lórí ìwé ju bó ṣe gùn lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n ń yọ irinṣẹ́ kúrò lára, wọ́n tún ń wá ọmọ náà lọ́tun: mìlímítà 28, 27, 29. Wọ́n mú àárín rẹ̀, ó jẹ́ 28. Ọkàn ọmọ ń lù dáadáa lójú ẹ̀rọ, nítorí náà kò sí ẹ̀rù pé oyún ló ti dúró.

Ọmọ ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá máa ń tó nǹkan bíi mìlímítà 42. Mìlímítà 28 jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án àti ọjọ́ mẹ́rin. Ọjọ́ mẹ́wàá ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín nǹkan oṣù àti síkáànù, ọjọ́ ìbímọ tí síkáànù sì mú wá ni ọjọ́ 27 oṣù kẹta. Ẹ wo ohun tí mo fi pẹ́ńsù kọ: ọjọ́ 26. Ìwé pélébé rẹ̀ àti ẹ̀rọ fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan náà.

Kì í ṣe gbogbo ìyàtọ̀ la máa ń tìtorí rẹ̀ yí ọjọ́ padà. Síkáànù fúnra rẹ̀ ní àṣìṣe tirẹ̀, tí ìyàtọ̀ kò bá sì ju àṣìṣe náà lọ, nǹkan oṣù ló ṣì ń borí. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà agbẹ̀bí ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2017 ni mò ń tẹ̀ lé. Kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lórí ìṣirò nǹkan oṣù, ìyàtọ̀ gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ márùn-ún lọ ká tó yí i. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án títí kó tó pé mẹ́rìndínlógún, ó gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ méje lọ. Bí oyún ṣe ń dàgbà ni iye náà ń gbòòrò, títí yóò fi di ọjọ́ mọ́kànlélógún láti ọ̀sẹ̀ méjìdínlọ́gbọ̀n lọ. Ti obìnrin yìí jẹ́ ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá, ọjọ́ mẹ́wàá sì ju méje lọ. Mo fa ìlà sórí ọjọ́ 17, mo fi bírò kọ ọjọ́ 27, mo kọ ọjọ́ tí a ṣe síkáànù àti mìlímítà 28 sí abẹ́ rẹ̀. Ká ní ọjọ́ mẹ́fà ni ìyàtọ̀ náà ni, ọjọ́ 17 ni ì bá dúró.

Ìdí tí iye náà fi ń gbòòrò rọrùn láti lóye. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ọmọ gbogbo ènìyàn ń dàgbà bákan náà, bíi mìlímítà kan lójúmọ́, ì báà jẹ́ ọmọ ẹni gíga tàbí ti ẹni kúkúrú. Bí ẹ bá mọ gígùn rẹ̀, ẹ ti mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Nígbà tó bá yá, ọmọ kan a sanra, òmíràn a tín-ín-rín, nítorí ìdílé, nítorí ibi ọmọ, nítorí àìsàn ìyá. Láti ìgbà náà lọ, títóbi ọmọ ni síkáànù ń wọ̀n. Ọjọ́ orí tó wá kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé kàn jẹ́ ọjọ́ orí tí ọmọ tó tóbi tó báyìí sábà máa ń jẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tọkọtaya náà jọ wá. Ọkọ rẹ̀ kò jókòó. Ó mú ìwé síkáànù dání, ó rọra sọ̀rọ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ le. "Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú. Ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ni mo ti ìrìn àjò dé. Láti ọjọ́ yẹn títí dé ọjọ́ tí wọ́n ṣe síkáànù, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àti ọjọ́ mẹ́ta ni. Ìwé yìí sọ pé oyún ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án." Ìyàwó rẹ̀ dorí kodò, kò sọ̀rọ̀. Mo mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nílé wọn kí wọ́n tó wá.

Mo ní kó jókòó, mo sì gbé kàlẹ́ńdà síwájú rẹ̀. Mo ṣàlàyé pé iye ọ̀sẹ̀ tí àwa ń pè ní ọjọ́ orí oyún kì í bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí oyún dúró. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nínú ogójì yẹn, kò sí oyún kankan níbẹ̀. A ń kà á torí pé ọjọ́ nǹkan oṣù ni obìnrin máa ń rántí, kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí ẹyin jáde. Kódà nígbà tí síkáànù bá fúnra rẹ̀ wọn ọmọ, ìwé rẹ̀ ṣì máa ń fi ọ̀sẹ̀ méjì yẹn kún un, kó lè bá ìṣirò àtijọ́ mu. Mo ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án àti ọjọ́ mẹ́rin jẹ́ ọjọ́ 67. Ó yọ 14 kúrò, ó ku 53. Ó ka ọjọ́ 53 sẹ́yìn láti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ, ìka rẹ̀ dúró lórí ọjọ́ kẹrin oṣù keje. Ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Jọ̀ọ́, má bínú sí mi." Obìnrin náà sunkún, n kò sì dá a lẹ́kun. Láti ọjọ́ náà, n kì í jẹ́ kí ìwé síkáànù àkọ́kọ́ kúrò lọ́wọ́ mi láìsọ fún aboyún pé ọ̀sẹ̀ méjì wà nínú rẹ̀ tí kì í ṣe ti oyún. Mo sì máa ń fi kún un pé ọjọ́ tí a bá kà sẹ́yìn yìí lè yẹ̀ ní bí ọjọ́ márùn-ún sí méje síwájú tàbí sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má fi ọjọ́ kan ṣoṣo ṣe ẹjọ́.

Oyún náà ń lọ dáadáa títí di ọjọ́ kẹfà oṣù kejì ọdún 2023. Lórí ọjọ́ 27 tí a fara mọ́, ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n géérégé. Mo fi téèpù wọn ikùn rẹ̀ láti eegun abẹ́ inú dé ibi tí ilé ọmọ ga dé. Bí ó ti yẹ, iye sẹ̀ǹtímítà máa ń sún mọ́ iye ọ̀sẹ̀, ó lè fi méjì lé tàbí dín. Tirẹ̀ jẹ́ 30. Mo ní kó lọ ṣe síkáànù mìíràn. Ibi tó ti ṣe é kò rí káàdì rẹ̀, wọn kò sì bi í léèrè síkáànù àkọ́kọ́. Ìwé tí wọ́n fún un sọ pé oyún jẹ́ ọ̀sẹ̀ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọjọ́ ìbímọ sì jẹ́ ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin. Ó dé pẹ̀lú ìdùnnú: "Nọ́ọ̀sì, wọ́n ní kò sí wàhálà, wọ́n ní ọjọ́ ni a kà ṣì."

Ọjọ́ kẹta nìyẹn. Ẹnì kan sì ti kọ ọ́ sórí káàdì.

Mo wo ohun tó wà lókè ọjọ́ náà, bí mo ṣe wo ìwé pélébé rẹ̀ lọ́jọ́sí. Nǹkan mẹ́rin ni ẹ̀rọ wọ̀n: ìbú orí, àyíká orí, àyíká ikùn, àti eegun itan. Orí lọ́nà méjèèjì jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ méjìlélọ́gbọ̀n. Eegun itan jẹ́ ti mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ikùn jẹ́ ti mọ́kàndínlọ́gbọ̀n péré. Ẹ̀rọ da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ó pín in, ó ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àárín tó mú yìí ló bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ká ní ọjọ́ la kà ṣì, gbogbo ara ọmọ ni ì bá kéré bákan náà. Nígbà tí orí bá ń dàgbà lọ, tí ikùn dúró sẹ́yìn, ó ń sọ pé oúnjẹ tó ń ti ibi ọmọ wá kò tó. Ọmọ yóò fi èyí tó wà bọ́ ọpọlọ ná, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò wá ní ohun tí yóò tọ́jú pamọ́, ẹ̀dọ̀ yìí sì ló gba apá tó pọ̀ nínú ikùn tí wọ́n ń wọ̀n. Ìwọ̀n tí wọ́n fojú bù fún un jẹ́ nǹkan bíi kìlò kan àti gíráàmù 600. Fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ó wà lára ìdá mẹ́wàá tó kéré jù nínú ọgọ́rùn-ún.

Ohun tó tún bà mí lẹ́rù nìyí. Ká ní kò ṣe síkáànù ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni, ọjọ́ 17 ni a ó ṣì máa lò, oyún rẹ̀ ì bá sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n àti ọjọ́ mẹ́ta lọ́jọ́ náà. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti ìwé tuntun yìí jẹ́ ọjọ́ mẹ́rìnlélógún, ó ju mọ́kànlélógún lọ. Ìlànà fúnra rẹ̀ ì bá gbà wá láàyè láti yí ọjọ́ padà sí ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin. Ìwé ìlànà kan náà sì kìlọ̀ nípa yíyí ọjọ́ padà ní oṣù mẹ́ta ìkẹyìn, nítorí ọmọ tí kò dàgbà tó la lè máa tipa bẹ́ẹ̀ pè ní ọmọ tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Obìnrin yìí ní síkáànù ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án. Ọjọ́ tí a bá ti gbé ka irú rẹ̀ kì í yí mọ́, bó ti wù kí síkáànù tó tẹ̀ lé e pọ̀ tó. Mo fa ìlà sórí ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin, mo kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ỌMỌ LÓ KÉRÉ, ỌJỌ́ KÒ YÍ. Mo pe dókítà.

Wọ́n fi Dọ́pílà wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú okùn ìwọ́. Ó ṣì ń ṣàn dáadáa, omi tó yí ọmọ ká sì tó. Láti ìgbà náà, ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń wo ẹ̀jẹ̀ náà, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n ń wọn ìdàgbàsókè ọmọ. A kọ́ ọ bí yóò ṣe máa kíyè sí bí ọmọ ṣe ń yí, a sì ní kó wá lọ́jọ́ náà gan-an bí ó bá dín kù. Ọmọ ń dàgbà, àmọ́ lábẹ́ ìlà ni ó ń rìn. Dókítà pinnu pé a kò ní jẹ́ kó kọjá ọ̀sẹ̀ méjìdínlógójì, nítorí ibi ọmọ tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa lè dẹ́kun iṣẹ́ lójijì, ọmọ tó ti pé ọ̀sẹ̀ méjìdínlógójì kò sì ní ohun púpọ̀ tí yóò tún rí gbà níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjìdínlógójì bọ́ sí ọjọ́ 13 oṣù kẹta. Lórí ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógójì péré ni ì bá jẹ́, kò sì sẹ́ni tí yóò fi oògùn fa ìrọbí fún un láìrí ohun tó ń ṣe ọmọ. Wọn ì bá ní kó lọ sílé, kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. A fa ìrọbí náà ní ọjọ́ 13, ó sì bí ọmọbìnrin kan ní òru mọ́jú ọjọ́ 14. Ó ké lójú ẹsẹ̀. Kìlò 2.4 ni. Ó tín-ín-rín, awọ itan rẹ̀ tú díẹ̀, orí rẹ̀ sì dà bíi pé ó tóbi ju ara rẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo nù ún tán, mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ iná. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń dán, tàbí kí ìlà wà níwájú nìkan. Ti ọmọ yìí kún fún ìlà láti ìka títí dé gìgísẹ̀. Mo tẹ etí rẹ̀ wálẹ̀ pẹ̀lú ìka kan, mo jù ú sílẹ̀, ó ta padà kíá. Mo gbé ọmọ náà lé ìyá rẹ̀ láyà, mo sì mú káàdì, mo kọ ọjọ́ 14 oṣù kẹta sí ìsàlẹ̀ àwọn ọjọ́ mẹ́ta yẹn, àti níwájú rẹ̀: ọ̀sẹ̀ méjìdínlógójì àti ọjọ́ kan.